Ẹjọ́ Tó Ti Kú: Ìgbà Wo Ni Adájọ́ Ṣì Máa Ń Dáhùn Ìbéèrè Inú Rẹ̀?

Ìjọba gbé òfin kan jáde, òfin náà sì ń ni yín lára. Ẹ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ẹ san owó lọ́yà, ẹ kó ìwé jọ, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lójijì, ìjọba fúnra wọn fagi lé òfin náà. Nígbà tí ẹ ó fi dé iwájú adájọ́, lọ́yà ìjọba ti dìde, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kò ju ìlà kan lọ: Olúwa mi, kò sí ohun tí a ń jà sí mọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé òfin yẹn kò tọ̀nà nígbà tó fi wà, ẹ sì fẹ́ kí adájọ́ wí i kí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ yóò bi lọ́yà yín ni pé: bí mo bá dá oníbàárà rẹ láre lónìí, kí ni yóò yàtọ̀ fún un lọ́la?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn. Àwọn lọ́yà ń pè é ní ẹjọ́ akadẹ́míìkì, àwọn mìíràn á ní ó ti di múùtù. Ọ̀nà méjì ni ẹjọ́ máa ń gbà dà bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà láàyè nígbà tí wọ́n pè é, tó wá kú lójú ọ̀nà: wọ́n tú ẹni tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀, ìjọba fúnni ní ohun tí wọ́n ti kọ̀ láti fúnni tẹ́lẹ̀, sáà ipò tí à ń du ti parí. Èkejì ni èyí tí a kò bí rárá: ẹnì kan ka òfin nínú ìwé, inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó sì fẹ́ kí adájọ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá lò ó lọ́jọ́ kan. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló ń ṣe àwọn èèyàn lójijì, òun náà sì ni àyè díẹ̀ ṣì wà fún.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń mú kí adájọ́ sá fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí à ń jà sí kò bá sí mọ́, ẹni tó ń jà á dẹwọ́, àlàyé tó yẹ kó dé etígbọ̀ọ́ adájọ́ kò ní dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ tó bá tẹnu ilé ẹjọ́ gíga jáde yóò so ọwọ́ àwọn tí ẹjọ́ wọn ṣì wà láàyè, àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jiyàn. Ẹni tó ní ẹjọ́ tòótọ́ sì tún wà lórí ìlà tó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ìlú Ọba ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ tí a ó tú fínnífínní, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìlànà kalẹ̀ lọ́nà tó ṣe kedere jù, tí ohun tó sì tẹ̀lé e fi hàn wá pé kíkọ̀ láti dáhùn ní owó tirẹ̀.

Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá wá ibi ìsádi sí Ìlú Ọba lè máa gba owó ìrànwọ́ ìjọba títí di ìgbà tí Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, bá pinnu lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlànà tó ń ṣàkóso owó náà sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti pinnu ni owó yóò dúró. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "kọ ọ́ sílẹ̀" yìí, ṣùgbọ́n òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ á ṣí fáìlì, á kọ sínú rẹ̀ pé a kò gbà, á fi tó ọ́fíìsì tó ń san owó létí, owó á sì dúró. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sí lẹ́tà, kò sí àlàyé. Níwọ̀n bí kò sì ti gba lẹ́tà, kò tíì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹni tó lè yí i padà. Ilẹ̀kùn owó ti tì, ilẹ̀kùn ẹ̀bẹ̀ kò sì tíì ṣí.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Salem pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: ṣé ìpinnu tí a kọ sínú fáìlì, tí a kò sọ fún ẹni tó kàn, ti di ìpinnu nínú òfin? Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà kò gbà. Salem gbé e lọ sí Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, wọ́n ti gbà pé asásàálà tòótọ́ ni, wọ́n sì ti fún un ní ohun tó wá. Kò sí ìjà mọ́ láàárín òun àti ìjọba. Síbẹ̀, àwọn lọ́yà rẹ̀ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n dáhùn ìbéèrè náà nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọdún 1999, Lọ́ọ̀dù Slynn kọ̀wé ìdájọ́ tí àwọn lọ́yà Ìlú Ọba ṣì ń tọ́ka sí lónìí. Ó ní nínú ẹjọ́ tó bá kan ìjọba àti òfin ìlú, ilé ẹjọ́ ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ tí kò sí ìjà nínú rẹ̀ mọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Èyí yàtọ̀ sí ẹjọ́ àdáni, irú èyí tó dá lórí àdéhùn òwò. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n máa fi ìṣọ́ra lo àṣẹ náà. Kí wọ́n má gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà tó kan ará ìlú. Ó wá fi àpẹẹrẹ kan hàn: bí ìbéèrè náà bá jẹ́ ti ìtumọ̀ òfin tó lè dá dúró, tí kò béèrè pé kí a máa tú ìṣẹ̀lẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹjọ́ púpọ̀ tó jọ ọ́ sì wà nílẹ̀ tàbí tó ń bọ̀ lọ́nà, tó fi jẹ́ pé láìpẹ́, wọn yóò ní láti dáhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti gbé ìlànà yìí kalẹ̀, ó kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ Salem fúnra rẹ̀. Ìdí tó sọ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kò lọ tààrà, àti pé nínú ẹjọ́ àwọn mìíràn, ìgbà tí ìpinnu di ìpinnu lè dá lórí bí ti oníkálukú bá ṣe rí. Bí wọ́n ṣe pa fáìlì náà dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n rò pé bí ilé ẹjọ́ tó ga jù bá kọ̀ láti dáhùn, ọ̀rọ̀ náà wà lófìfo, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà nísàlẹ̀ dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin. Gbogbo adájọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ohun tí Salem ń jà sí kú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó dá a lẹ́bi kò kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára àwọn ẹlòmíràn.

Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé lórí ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Anufrijeva. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1999 ni òṣìṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ ní Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì pé wọn kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́tà tó sọ fún un pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2000. Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ló fi wà láìrí owó gbà nítorí ìpinnu tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ìdájọ́ Salem ti so àwọn lọ́wọ́. Ó dé iwájú Àwọn Lọ́ọ̀dù, wọ́n sì dáhùn nígbà yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, mẹ́rin nínú wọn sọ pé ìpinnu tó kan ẹ̀tọ́ èèyàn kò lè múlẹ̀ bí wọn kò bá sọ fún ẹni tó kàn. Lọ́ọ̀dù Bingham nìkan ni kò bá wọn gbà. Wọ́n yí ohun tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Salem dà. Ìbéèrè kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìlànà kan náà, ọdún mẹ́rin ló wà láàárín.

Kí ló mú kí ti obìnrin yìí wọlé, tí ti ọkùnrin yẹn kò sì wọlé? Kì í ṣe pé ìbéèrè ti wá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ni. Nígbà tí Anufrijeva dé iwájú Àwọn Lọ́ọ̀dù, owó oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò san. Bí wọ́n bá dá a láre, owó yóò wọ àpò rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò ní wọ̀ ọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ kò kú rárá, nítorí náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàánú rẹ̀ lábẹ́ ìlànà Lọ́ọ̀dù Slynn. Bí mo bá ní láti mú ohun kan ṣoṣo fún ẹni tó ń múra ẹjọ́, èyí ni mo máa mú: wá ohun tó ṣì kù nílẹ̀ láti san, láti dá padà tàbí láti pa rẹ́, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ànfààní ará ìlú.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Ní ọdún 1974, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti dáhùn bóyá yunifásítì lè fi ẹ̀yà ṣe ìwọ̀n bó bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé DeFunis tó pẹjọ́ ti wọlé nípasẹ̀ àṣẹ ilé ẹjọ́ kékeré, ó sì ti wà ní sáà tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ òfin rẹ̀. Adájọ́ márùn-ún ló ní ẹjọ́ ti kú, mẹ́rin ní rárá. Ìbéèrè náà padà wá pẹ̀lú Bakke ní ọdún 1978, wọ́n sì dáhùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin ìlẹ̀ wọn gan-an ló ní àwọn adájọ́ kò lè gbọ́ ohun tí kì í ṣe ìjà. Nítorí náà, wọn kì í sọ pé a ó gbọ́ ẹjọ́ tó kú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kò tíì kú, bó bá jẹ́ irú ohun tó lè tún ṣẹlẹ̀ sí olùpẹjọ́ yẹn, tó sì máa ń parí kí ilé ẹjọ́ tó ráyè dé ìdí rẹ̀. Oyún ni àpẹẹrẹ tí wọ́n mọ̀ jù: oṣù mẹ́sàn-án péré ló ń lò, ẹjọ́ kì í sì í sábà gun ìpele mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlú Ọba, ká wo bí wọ́n ṣe ń lo ìlànà Slynn nígbà tí ẹjọ́ ti kú lóòótọ́. Nígbà àrùn Kòrónà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba fi ìlànà kan de ìrìnkèrindò àti ìpéjọ àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Dolan àti àwọn mìíràn pẹjọ́. Oríṣiríṣi ẹ̀sùn ni wọ́n kó jọ. Ọ̀kan ní òfin ìlera ọdún 1984 tí mínísítà gbára lé kò fún un lágbára láti sé gbogbo ìlú mọ́lé. Àwọn yòókù ní ìlànà náà tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀: ẹ̀tọ́ láti péjọ, láti bá ẹbí ẹni gbé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹjọ́ yóò fi dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ìlànà oṣù Kẹta yẹn kò sí mọ́. Ìjọba ti fagi lé e ní oṣù Keje, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò.

Ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ká wò dáadáa. Wọ́n pín ẹjọ́ náà sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gbọ́ ti agbára mínísítà, wọ́n sì dáhùn rẹ̀: ó ní agbára náà. Wọn kò gba àwọn ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láyè láti lọ síwájú. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ lé orí ìlànà Slynn, ẹ ó rí i pé ó bá a mu bí ọmọrí ìkòkò. Ìtumọ̀ òfin kan ni, ẹ kò nílò kí ẹnì kan wá jẹ́rìí kí ẹ tó lè kà á. Ìlànà tuntun ń jáde lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ òfin ọdún 1984 kan náà, bí agbára kò bá sì sí, gbogbo wọn ló wó. Ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ìdíwọ́ kan pọ̀ jù, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí àrùn ṣe ń tàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun tí àwọn onímọ̀ sọ, àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Èsì tí ẹ bá rí fún oṣù Kẹta kò sọ nǹkan kan fún oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìlànà àti àrùn náà ti yí padà.

Láti ibí yìí ni lọ́yà tó mọṣẹ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹjọ́ tó kú. Kò ní kó gbogbo ẹ̀sùn mẹ́jọ lọ síwájú adájọ́ kó máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo wọn. Yóò mú ẹyọ kan tó dá lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú òfin, yóò kọ ìbéèrè náà sí ìlà méjì tàbí mẹ́ta, yóò sì gba kí ìjọba má bá òun jiyàn lórí ìṣẹ̀lẹ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú láti kọ ìbéèrè náà, tí ẹ kò lè kọ ọ́ láìdárúkọ olùpẹjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ mọ̀ pé kò lè dá dúró nìyẹn, adájọ́ náà yóò sì tètè rí i.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí pé àwọn mìíràn wà lórí ìlà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń rọ̀ sílẹ̀, nítorí pé lọ́yà kàn ń fẹnu sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnu kò tó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ aláàánú tàbí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn òfin bá bura sí, tó sọ pé láàárín oṣù báyìí sí báyìí, èèyàn mélòó ló mú irú lẹ́tà yìí wá sọ́dọ̀ wa, ẹjọ́ mélòó ni ilé ẹjọ́ gíga ti dá dúró dìgbà tí ìdájọ́ yìí bá jáde. Bí ẹjọ́ ẹlòmíràn tó ṣì wà láàyè bá wà nílẹ̀ tó béèrè ìbéèrè kan náà, kó yé yín pé ìdà olójú méjì ni: ó fi hàn pé ìbéèrè náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ lè sọ pé ẹ jẹ́ kí á dúró de ẹni yẹn. Ìgbà mìíràn, ohun tó dára jù ni kí lọ́yà mú ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà láàyè wọlé gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ kejì kí ti àkọ́kọ́ tó kú.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Ilé ẹjọ́ wa le ju ti Ìlú Ọba lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìwé òfin. Abala 6(6)(b) nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé agbára ilé ẹjọ́ wà fún ìpinnu lórí ẹ̀tọ́ àti ojúṣe èèyàn nínú ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹni méjì, tàbí láàárín ìjọba àti ẹnì kan. Àwọn adájọ́ kà á pé níbi tí kò bá sí ẹ̀tọ́ tí wọ́n fẹ́ pinnu lé lórí, agbára kò sí. Nínú ẹjọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, Adájọ́ Niki Tobi ṣàlàyé pé ẹjọ́ akadẹ́míìkì ni èyí tó jẹ́ àbá lásán, tó ń pariwo òfìfo, tí kò sì ní ṣe olùpẹjọ́ láǹfààní kankan bí wọ́n tilẹ̀ dá a láre.

Ohun tó bí ẹjọ́ Plateau yẹn ni pé ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀, ó sì ní kí Gómìnà Joshua Dariye lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Ṣé ààrẹ lè yọ gómìnà tí àwọn èèyàn dìbò yàn lábẹ́ ipò pàjáwìrì? Nígbà tí ìdájọ́ fi máa jáde, Dariye ti padà sórí àga láti oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kò sì dáhùn ìbéèrè náà gan-an. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006 kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì ní Èkìtì, wọ́n sì gbé ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì síbẹ̀ láti máa ṣàkóso. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó kan ìpínlẹ̀ Rivers: Ààrẹ Tinúbú ní kí Gómìnà Fubara, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin kúrò fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ wo bí oṣù mẹ́fà ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Abala 305 nínú ìwé òfin ló fún ìkéde náà ní oṣù mẹ́fà, àyàfi bí ilé aṣòfin bá sún un síwájú. Ẹjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìkéde kì í sábà parí láàárín oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, àrùn yìí wà lára ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n kéde, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ìjọba lè dìde sọ pé ó ti parí. Tèmi ni pé irú ìbéèrè báyìí, tó jẹ́ ìtumọ̀ òfin pọ́nńbélé, tó ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mọ́kànlélógún, ni ìlànà Slynn ṣe wà. Ilé ẹjọ́ tó bá ń dúró de ìgbà tí gómìnà kan yóò ṣì wà nílé nígbà tí wọ́n bá ń ka ìdájọ́ yóò dúró pẹ́.

Ti ìdìbò tún le ju èyí lọ. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní ọjọ́ 60 láti ọjọ́ ìdájọ́ yẹn. Bí ọjọ́ bá ti pé, ẹjọ́ náà kú pátápátá, kò sí ẹ̀bẹ̀ ànfààní ará ìlú tó lè jí i, nítorí agbára ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ló ti tán. Lọ́yà tó ń gba ìsúnsíwájú lójoojúmọ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbẹ́ kòtò fún oníbàárà rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀nà ti ṣí jù ní Nàìjíríà ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ká sọ pé ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan, wọ́n tì í mọ́ àgọ́ fún ọjọ́ méjìlá láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba lọ́yà, lọ́yà kọ̀wé ẹjọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fún ọlọ́pàá ní ìwé náà. Bó bá jẹ́ pé "ẹ tú u sílẹ̀" nìkan ni lọ́yà béèrè nínú ìwé, ẹjọ́ ti kú. Ṣùgbọ́n abala 35(6) nínú ìwé òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Bí ìwé náà bá ti béèrè fún mẹ́ta papọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí ilé ẹjọ́ kéde pé títì í mọ́lé kò bófin mu, kí wọ́n sì san owó, ìtúsílẹ̀ náà kò pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Méjì tó kù ṣì wà láàyè, wọ́n sì tó láti gbé ìbéèrè náà dé òpin. Bákan náà ló rí fún ẹni tí wọ́n tì mọ́ àgọ́ àwọn àjèjì ní Ìlú Ọba: bí wọ́n tilẹ̀ tú u sílẹ̀ tàbí wọ́n fún un ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó lórí ọjọ́ tí wọ́n tì í lọ́nà àìtọ́ kò parẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn èyí ni àìbéèrè àṣẹ ìdádúró ní kùtùkùtù. Bí ìjọba bá fẹ́ wó ilé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ẹjọ́ tí ẹ pè ní ọjọ́ Ajé láìbéèrè pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró títí ìdájọ́ yóò fi jáde yóò bá òkìtì yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn ni dídákẹ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tó pa ẹjọ́, iṣẹ́ lọ́yà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni láti sọ ọ́ fún ilé ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Adájọ́ tó bá fi ọjọ́ méjì ka ìwé, tó wá gbọ́ ní òwúrọ̀ ìgbẹ́jọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí láti oṣù tó kọjá, kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ànfààní ará ìlú lẹ́nu yín mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù jù. Bí ìjọba bá fún yín ní ohun tí ẹ wá lẹ́yìn tí ẹ ti pẹjọ́, ta ni yóò san owó lọ́yà yín? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dáhùn ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ ọmọ kan tí a mọ̀ sí M pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ Croydon. Bí ẹ bá gba gbogbo ohun tí ẹ béèrè, ìjọba ni yóò sábà san án. Bí ẹ bá gba díẹ̀, adájọ́ yóò wo bí èyí tí ẹ gbà ṣe tó sí èyí tí ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ pé ohun tó parí ìjà náà kò jọ ohun tí ẹ béèrè, oníkálukú ni yóò sábà gbé ẹrù tirẹ̀, àyàfi bó bá hàn gbangba ẹni tí ì bá borí. Ohun tí adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò nígbà náà ni lẹ́tà tí ẹ kọ sí ìjọba kí ẹ tó pẹjọ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn ní kedere ohun tí wọ́n ṣe tí kò tọ́ àti ohun tí ẹ fẹ́, tí wọ́n kọ̀, tí wọ́n wá ṣe é lẹ́yìn tí ìwé ẹjọ́ dé ọwọ́ wọn, lẹ́tà náà ni yóò fi hàn pé ẹjọ́ yín ló mú kí wọ́n ṣe é. Ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á.